Ká Yá A àbí Ká Rà Á? Ìṣirò Ohun Ọ̀ṣọ́ Ìdána Kan ní Kubwa

Ìdána ni ìnáwó náà, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, nínú gbọ̀ngàn kan ní Kubwa, l'Ábújá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé ìyàwó, àwọn tó ti pẹ́ ní òkè ọ̀hún débi pé àwọn ọmọ gbọ́ Haúsá ju àwọn òbí wọn lọ. Àlejò 160 ni wọ́n ń retí. Gbọ̀ngàn náà ní tábìlì róbótó àti àga tirẹ̀, nítorí náà ohun tó kù fún wa láti wá kò ju mẹ́rin lọ: aṣọ tábìlì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ẹbí tó máa gba àárín tábìlì kọjá, àwo ńlá aláwọ̀ góòlù tí wọ́n ń gbé àwo oúnjẹ lé, àti ògiri ọ̀ṣọ́ tí ọkọ àti ìyàwó máa jókòó síwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ òde ni mo ń ṣe, èmi ni wọ́n sì gbé e fún. N kò ní ilé ìkẹ́rù tèmi. Ohun tí mo bá fẹ́ lò, mo máa ń yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣòwò ni. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi kò yí padà, yálà ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi rà á tàbí ó yá a. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tó ń yá ẹrù fún èèyàn kò ní sọ fún yín láé pé kí ẹ lọ rà á.

Mo kó iye owó tí wọ́n pè fún mi fún yíyá jọ, mo sì mú un lọ bá ìyá ìyàwó. Aṣọ tábìlì funfun 20, tábìlì kan fún èèyàn 8, ní ₦2,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦40,000. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ti àárín tábìlì, 20 ní ₦1,000: ₦20,000. Àwo góòlù 160 ní ₦400: ₦64,000. Ògiri ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú aṣọ, òdòdó àti àwọn tó máa tò ó: ₦150,000. Owó ọkọ̀ aṣọ àti àwo ní àlọ àti àbọ̀: ₦12,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦286,000.

Àbúrò ìyá ìyàwó ń gbé ní Kàdúná, gbogbo ilé ló ń pè wọ́n ní Àǹtí Kàdúná. Oníṣòwò ni wọ́n, wọn kì í fi owó ṣeré. Àwọn náà ti gbé ìwé tiwọn wá. Wọ́n ti lọ sí ọjà Kantin Kwari ní Kánò, níbi tí aṣọ ti pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ti na aṣọ níbẹ̀, wọ́n sì ní kí a ra gbogbo nǹkan. Aṣọ tábìlì: yáàdì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦900 ni yáàdì, tábìlì 20, ó jẹ́ ₦72,000. Àwo góòlù onírọ́bà 160 ní ₦1,000: ₦160,000. Férémù irin tí wọ́n máa jó fún ògiri ọ̀ṣọ́: ₦60,000. Òdòdó aláṣọ, ìdì 10 ní ₦4,500: ₦45,000. Aṣọ ògiri yáàdì 8: ₦7,200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦344,200.

“Ẹ wò ó,” ni wọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n wọn, “₦58,200 péré ló wà láàárín méjèèjì. Èwo la máa yá, tí ẹrù máa padà sílé onílé, tí ọwọ́ wa á sì ṣófo? Ká rà á. Lẹ́yìn ìdána, à á máa fi háyà fáwọn èèyàn, owó á máa wọlé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹbí ṣe máa ń sọ ọ́. Wọn ò purọ́ iye owó kankan. Ìwé méjèèjì ni kò sọ ohun kan náà. Ìwé èmi ka owó ohun tó máa dé gbọ̀ngàn, tí a ti fọ̀, tí a ti lọ̀, tó ti ṣe tán láti tẹ́. Ìwé tiwọn ka owó ohun tó ṣì wà lórí igbá ní ọjà. Títí a ó fi mú àwọn méjèèjì dé ibì kan náà, èèyàn ò lè sọ pé ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ tábìlì, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò tiwọn ti kọ́kọ́ yẹ̀.

Tábìlì róbótó tí gbọ̀ngàn ń lò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ìyẹn ínṣì 60 láti etí kan dé ìkejì. Gíga rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ínṣì 30. Bí aṣọ yóò bá kan ilẹ̀ yíká, a ó fi ínṣì 30 kún 60 lápá kan, a ó tún fi 30 kún un lápá kejì. Ínṣì 120 ni aṣọ róbótó náà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ẹni tó bá ń yáni láṣọ mọ èyí lórí, òun ló fi jẹ́ pé “120” ni wọ́n máa ń pè é fún ara wọn.

Aṣọ tí Àǹtí Kàdúná nà ní Kánò fẹ̀ ní ínṣì 45 péré. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi téèpù wọn èyí tí wọ́n mú wá fún àpẹẹrẹ, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 45 kò lè di 120 àfi bí a bá so mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí méjì yóò jẹ́ 90, kò tó. Mẹ́ta jẹ́ 135, a ó sì gé ohun tó lé kúrò. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ínṣì 120. Ẹ sọ mẹ́ta di ọ̀nà 120, ẹ ó rí ínṣì 360, ó sì jẹ́ yáàdì 10 géérégé fún tábìlì kan. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè fi nǹkan bí ìdajì yáàdì pamọ́, nítorí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò nílò kí gígùn wọn tó ti àárín lẹ́yìn tí a bá ti gé e ní róbótó. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di yáàdì 4.

Yáàdì 4 tí Àǹtí kà yóò bo orí tábìlì, yóò sì ṣẹ́ sílẹ̀ ní ínṣì 6. Ẹsẹ̀ irin tábìlì gbọ̀ngàn, tó ti dógùn-ún, tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn, yóò wà níta gbangba fún àwọn àna láti wò.

Ìṣirò wá yí padà. Yáàdì 10 ní ₦900 jẹ́ ₦9,000. Télọ̀ tí a bi léèrè ní Kubwa ní òun máa gba ₦2,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú rírán méjì ló wà nínú rẹ̀ tó gùn tó ínṣì 111 ní ìkọ̀ọ̀kan, ó tún fẹ́ ṣẹ́ etí rẹ̀ yíká. ₦11,500 fún tábìlì kan, ₦230,000 fún 20. Ìyá ìyàwó wò mí, wọ́n wo àbúrò wọn. Àǹtí Kàdúná gba ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un ṣe fúnra wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Wọn ò jáwọ́ o, wọ́n sì jàre díẹ̀. “Ó dára,” ni wọ́n wí, “₦230,000 ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òde, aṣọ ṣì wà nílẹ̀. Ti ẹni tó yáni, kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó lè sọ pé òun mọ iye tí nǹkan náà ná òun. Ohun tó kù lẹ́yìn òde ní iye, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí a rà á. Iye tí ẹnì kan máa fi owó sílẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹni ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Mo ní kí a má ṣe fi ẹnu sọ ọ́. A pe dẹkọrétọ̀ kan ní Nyanya tó máa ń ra àlòkù, a júwe aṣọ náà fún un. Ó béèrè àwọ̀ rẹ̀. Wáìnì ni, àwọ̀ ẹbí. Ó ní bó bá jẹ́ funfun ni, òun ìbá ronú sí i dáadáa, ṣùgbọ́n fún wáìnì tó ní ojú rírán méjì, ₦3,000 lòun lè san. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000 fún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí rírà náà máa jẹ mọ́ni lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni ₦170,000.

Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yíyá. Yíyá aṣọ 20 jẹ́ ₦40,000, ọkọ̀ rẹ̀ ₦12,000, àpapọ̀ ₦52,000 lóde kan. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ kò ní san èyí, ṣùgbọ́n yóò fọ̀ ọ́, yóò sì lọ̀ ọ́. Aṣọ tó fẹ̀ tó báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ fọ̀ nínú ike, alágbàfọ̀ ní ₦600 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦12,000 fún 20. Ohun tó ń jèrè lóde kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦40,000. Bí a bá fi ₦40,000 pín ₦170,000, yóò lé ní ìgbà 4. Èyí túmọ̀ sí pé ó di òde karùn-ún kí rírà tó san ju yíyá lọ.

Nínú gbogbo bí mo ṣe ń ṣe é, ìgbésẹ̀ yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ yọ ohun tí ẹ máa rí tà kúrò nínú owó ìrà. Ẹ yọ owó ìfọ̀ kúrò nínú owó yíyá. Ẹ fi èkejì pín èkíní. Nọ́ńbà tó bá jáde ni iye òde tí ẹ gbọ́dọ̀ ní. Lẹ́yìn náà, mo máa ń béèrè ohun kan tí kò sí nínú ìwé: àwọn òde wo? Ta ló ni wọ́n, ọjọ́ wo ni?

A jókòó kà wọ́n. Ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó ń bọ̀ nínú oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni lè fi ọjọ́ sí, ọmọ náà sì ti sọ pé búlúù lòun fẹ́. “Àwọn ọ̀rẹ́ wa á máa yá a” kì í ṣe òde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òde èèyàn 300 á béèrè aṣọ 38 tàbí 40, wọ́n á ní 20, kò ní lè ṣe é. Ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú kò ní fẹ́ wáìnì. Funfun àti àwọ̀ wàrà ni àwọn tó ń fi í ṣòwò máa ń kó jọ, aṣọ kékeré ni wọ́n fi ń dá àwọ̀ sí i. Èyí tó tún burú ni pé ilé wọn kò ní yàrá tó ṣófo. Aṣọ 20 tó fẹ̀ tó ínṣì 120 kì í ṣe ẹrù kékeré. Ìyá ìyàwó sọ ọ́ fúnra wọn pé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa wà, a sì mọ ohun tí eku máa ń ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ká má tíì sọ ti eruku ọyẹ́.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé ká yá aṣọ funfun.

Ṣùgbọ́n aṣọ Kánò náà kò lọ sílé lásán, nítorí mo fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ti àárín tábìlì ni mo fi í ṣe. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 45, bí a bá là á sí mẹ́ta lóòró, ìkọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní 15. Bí a bá fi gígùn rẹ̀ sí ínṣì 90, ìyẹn yáàdì 2 ààbọ̀, á gba orí tábìlì oní 60 kọjá, á sì já sílẹ̀ ní 15 lọ́tùn-ún àti lósì. Yáàdì 2 ààbọ̀ kan ń fún wa ní mẹ́ta. Méje irú rẹ̀ ń fún wa ní 21, ọ̀kan sì lé. Yáàdì 17 ààbọ̀ ní ₦900 jẹ́ ₦15,750. Télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ₦300 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦6,300. Àpapọ̀ ₦22,050, nígbà tí yíyá rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Àfikún ₦2,050 ni a san, a sì gba àwọ̀ tó bá aṣọ ẹbí mu gan-an, láìsí pé ẹnì kan ń dúró láti kà á lọ́wọ́ wa bó bá di alẹ́. Níbi tí owó méjèèjì bá ti súnmọ́ ara wọn báyìí, rírà ni mo máa ń mú, nítorí ohun tí a yá ní wàhálà tó kọjá iye tí a kọ sórí rẹ̀, màá sọ ọ́ níwájú.

Ọ̀rọ̀ àwo góòlù kò gùn. Ìwé méjèèjì ló ní i: ₦64,000 fún yíyá, ₦160,000 fún rírà. Mo béèrè ohun tí olóúnjẹ máa fi bu oúnjẹ. Wọ́n ní nínú páàkì onídèérí ni àlejò ti máa gbà á, àfi orí tábìlì àwọn òbí méjèèjì àti ti ọkọ àti ìyàwó. Ta ló wá fẹ́ gbé páàkì onírọ́bà lé àwo góòlù? A yá 10, ₦4,000, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹbí bá ń jiyàn lórí yíyá àti rírà, nǹkan náà gan-an ni kò yẹ kó wà lórí ìwé.

Ògiri ọ̀ṣọ́ ló gba ọgbọ́n jù.

Férémù rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó ga ní 8. Àǹtí Kàdúná ti ka yáàdì 8 fún aṣọ rẹ̀. Aṣọ ògiri kì í fẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú férémù. Bí ó bá ṣe déédéé, á na gbọnrangandan bí aṣọ ìbora tí wọ́n sá sórí okùn, gbogbo ẹni tó bá ya fọ́tò níwájú rẹ̀ á sì rí irin lẹ́yìn. Ìlọ́po méjì ni à ń fi sí i kí ó lè ṣẹ́ wálẹ̀ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po. Fún férémù 10, a nílò aṣọ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Pẹ̀lú aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 60, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 5, ìwọ̀n mẹ́rin ni. Gíga 8, pẹ̀lú ibi tí a ó ti ki irin bọ̀ ọ́ lókè àti etí tí a ó ṣẹ́ nísàlẹ̀, gba yáàdì 3 ní ìkọ̀ọ̀kan. Yáàdì 12. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó ń tàn yọ̀yọ̀, ₦1,800 ni yáàdì rẹ̀ ní ọjà Wuse nígbà náà: ₦21,600, télọ̀ ₦6,000.

Òdòdó ìdì 10 kò lè kún igun méjì férémù yìí, 20 ni mo máa ń lò, ó jẹ́ ₦90,000. Férémù ₦60,000. Irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 kò wọ inú bọ́ọ̀tù, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù ₦15,000. Ọmọkùnrin méjì tó máa tò ó, tí wọ́n á tún tú u lálẹ́, ₦20,000. Bí a bá ra gbogbo rẹ̀, ₦212,600. Bí a bá yá gbogbo rẹ̀, ₦150,000, ọkọ̀ àti títò ti wà nínú rẹ̀.

Mo wá pín in sí wẹ́wẹ́, nítorí ohun tó wà nínú ògiri ọ̀ṣọ́ kì í gbó bákan náà, wọn kì í sì í wúlò bákan náà lẹ́yìn òde. Kò sẹ́ni tó máa ra férémù lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ẹ̀yìnkùlé ló máa wà, òjò á pa á, á dógùn-ún. Òdòdó aláṣọ máa ń gba eruku sára, bí oòrùn bá sì kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Ẹni tó máa rà á ní àlòkù kò ní san ìdámẹ́rin owó rẹ̀. Aṣọ ńkọ́? Mo gbójú sókè, mo wo fèrèsé pálọ̀ wọn. Kọ́tìnì tó wà níbẹ̀ ti pẹ́, ìyá ìyàwó sì ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa pààrọ̀ rẹ̀ kí àwọn àna tó wá. Ìwọ̀n mẹ́rin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ni fèrèsé méjì ń fẹ́.

Èyí ni mo fi sọ pé kí a ra aṣọ, kí a yá ìyókù. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí: aṣọ náà kò di ọ̀fẹ́ nítorí pé ó máa di kọ́tìnì. Ó di ọ̀fẹ́ kìkì nítorí pé wọ́n ti fẹ́ ra kọ́tìnì tẹ́lẹ̀. Ká ní kọ́tìnì wọn dára, owó òde ni ₦27,600 náà ì bá jẹ́ pátápátá, bí a tilẹ̀ so ó kọ́ sínú yàrá.

Kì í ṣe gbogbo ayánilẹ́rù ló máa gbà láti yá ni ní férémù lásán. Ibi àkọ́kọ́ tí mo pè kọ̀, wọ́n ní odindi ni àwọn ń yá. Ibòmíràn gbà á ní ₦25,000, wọ́n sì yá wa ní òdòdó ní ₦45,000. Pẹ̀lú aṣọ ₦27,600, ọkọ̀ ₦15,000 àti òṣìṣẹ́ ₦20,000, ó jẹ́ ₦132,600. Ó dín ní ₦17,400 sí yíyá odindi, kọ́tìnì sì wà lọ́wọ́.

Wàhálà yíyá ni mo ṣèlérí pé màá sọ. Ẹni tó yá wa láṣọ tábìlì gba kọ́ṣọ̀n ₦50,000 lọ́wọ́ wa kí ó tó kó ẹrù jáde. Owó yìí máa ń padà wá, nítorí náà kì í sí nínú ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a nílò owó jù ni wọ́n gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti ka ẹrù wọn tán ni wọ́n tó ń dá a padà. Bí aṣọ bá sọnù, owó tuntun ni wọ́n ń yọ, kì í ṣe ₦2,000 tí wọ́n fi yá a. Ti wa jẹ́ ₦15,000 fún aṣọ kan, ó wà nínú ìwé tí a fọwọ́ sí. Àbàwọ́n epo pupa tàbí lálì jẹ́ ₦3,000. Ẹ má fojú kéré ti lálì ní òkè ọ̀hún: ọwọ́ obìnrin tó kun ún ní àárọ̀, tí kò tíì gbẹ tán, á fi ìka márààrún sílẹ̀ lórí aṣọ funfun, kò sì ní ṣeé fọ̀ kúrò. A gbọ́dọ̀ dá ẹrù padà kí agogo 12 tó lù ní ọjọ́ Ajé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ka owó ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ẹrù dé ní ọjọ́ Jímọ̀, mo tú u níwájú awakọ̀ wọn. Aṣọ kan ti ní ihò tí sìgá jó sí etí rẹ̀, òmíràn ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú nítòsí àárín. Mo ya fọ́tò méjèèjì, mo fi ránṣẹ́ sí oní nǹkan lórí fóònù lójú ẹsẹ̀ kí awakọ̀ tó kúrò. Ìyẹn ló gbà wá lọ́jọ́ Ajé, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kà mọ́ wa lọ́rùn.

Síbẹ̀, ẹrù kò pé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n lálẹ́ òde, tí alága ìjókòó ti gba owó rẹ̀ tán, tí olórin ṣì ń kọrin, ta ló ń wo aṣọ tábìlì? Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ń padà sí Mínà fi ọ̀kan di ìkòkò ìrẹsì kí ó má baà dà nù nínú bọ́ọ̀sì. Ìkòkò lọ, aṣọ lọ. Òmíràn gba epo mọ́ínmọ́ín. Wọ́n yọ ₦18,000, wọ́n dá ₦32,000 padà.

Mo kọ ₦18,000 yẹn sínú ìwé, nítorí owó yíyá ni òun náà. Aṣọ tábìlì wá jẹ́ ₦40,000, ọkọ̀ ₦12,000, ẹrù tó bàjẹ́ ₦18,000: ₦70,000. Ó ṣì kéré sí ₦170,000 dáadáa. Ẹ̀wẹ̀, ká ní aṣọ tiwa ni, ìkòkò ìrẹsì ì bá gbé e lọ bákan náà, kìkì pé kò sí ẹni tí ì bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ná lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ báyìí: aṣọ tábìlì ₦70,000, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ₦22,050, àwo ₦4,000, ògiri ọ̀ṣọ́ ₦132,600. Ó jẹ́ ₦228,650, a yá apá kan, a ra apá kan. Iye ọjà ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ìwé yìí lọ bá oníṣòwò jà.

Àǹtí Kàdúná kò gbà pé àwọn kùnà, wọn ò sì kùnà pátápátá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n pè mí, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kàdúná fẹ́ ra aṣọ tábìlì 30, kí n bá àwọn ṣírò rẹ̀. Mo béèrè ìbéèrè kan náà: òde wo? Wọ́n fi ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí mi. Ìgbéyàwó 12 ló wà nínú rẹ̀ fún ọdún yẹn, gbogbo wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tábìlì oní 60 kan náà.

Ìṣirò yí bìrí. Mo ní kí wọ́n má ra èyí tó fẹ̀ ní 45 mọ́. Èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 60, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń di 120, yáàdì 7 ti tó, ojú rírán kan péré ni, kí ó sì jẹ́ funfun. ₦1,800 ní ọ̀nà 7 jẹ́ ₦12,600, télọ̀ ₦2,000, ó jẹ́ ₦14,600, ₦438,000 fún 30. N kò ka iye tí wọ́n á rí tà rárá. Yíyá 30 lóde kan pẹ̀lú ọkọ̀ jẹ́ ₦72,000, ìfọ̀ tiwọn á jẹ́ ₦18,000, èrè òde kan jẹ́ ₦54,000. Ní òde kẹsàn-án, wọ́n ti rí owó wọn padà, mẹ́ta ṣì kù nínú ọdún náà. Wọ́n rà á. Inú àpótí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kó o sí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ lò ó ń san ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìfọ̀ àti fún èyí tó bá sọnù.